Ìyípadà ọ̀rọ̀ìpamọ́ alámòójútó ráútà

Ìyípadà ọ̀rọ̀ìpamọ́ alámòójútó ráútà ni iṣẹ́ tí onílé ń ṣe láti fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀ rọ́pò èyí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ráútà ti kọ sínú ẹ̀rọ náà kí ó tó dé ọjà. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fi ń ṣí ojú-ewé ìṣàkóso ráútà, níbi tí a ti ń yí gbogbo ètò rẹ̀ padà. Nínú ọ̀pọ̀ ráútà àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ fi síbẹ̀ kì í ṣe àṣírí rárá: ó wà lára ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, ó wà nínú ìwé ìlò rẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ẹ̀rọ tí ó jọ ọ́ káàkiri ayé.

Ní àwọn ìlú Èkìtì bíi Ìsinbọ̀dé-Èkìtì, àti ní ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké mìíràn ní Nàìjíríà, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ni ráútà ilé ti sábà máa ń rí ayélujára. Ó lè jẹ́ ráútà tí ó ní àyè káàdì síìmù nínú ara rẹ̀, ó sì lè jẹ́ èyí tí a ń ki módẹ́ẹ̀mù USB bọ̀. Àpilẹ̀kọ yìí dá lé irú ráútà bẹ́ẹ̀, ó sì mú TP-Link TL-MR3420, tí ó ń lo módẹ́ẹ̀mù USB, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ.

## Ọ̀rọ̀ìpamọ́ méjì inú ráútà kan

Ráútà ilé ní ọ̀rọ̀ìpamọ́ méjì tí iṣẹ́ wọn kò jọra, àṣìṣe tí ó sì wọ́pọ̀ jù lọ ni láti rò pé ẹni tí ó ti yí ọ̀kan padà ti yí èkejì náà padà.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ìpamọ́ Wáí-Fáì. Òun ni àlejò máa ń béèrè nígbà tí ó bá fẹ́ so fóònù rẹ̀ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé. Lábẹ́ ètò ààbò WPA2, gígùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà 8, kò sì gbọdọ̀ ju 63 lọ. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lè lo ayélujára ilé náà.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ìpamọ́ alámòójútó. Kì í ṣe èyí ni a fi ń so fóònù pọ̀. Òun ni a fi ń wọ ojú-ewé tí a ti ń darí ráútà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lè ka ọ̀rọ̀ìpamọ́ Wáí-Fáì, ó lè yí i padà, ó lè yọ ẹ̀rọ ẹlòmíràn kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì lè yan ibi tí ìbéèrè gbogbo ará ilé yóò gbà lọ sí ayélujára. Bí a bá fi ilé ṣe àfiwé, ọ̀rọ̀ìpamọ́ Wáí-Fáì ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ìta tí gbogbo ayálégbé ní, ti alámòójútó sì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá baálé.

Nítorí náà, ilé tí ọ̀rọ̀ìpamọ́ Wáí-Fáì rẹ̀ le dáadáa ṣùgbọ́n tí ti alámòójútó ṣì jẹ́ `admin` wà ní ìṣísílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti fún ní Wáí-Fáì rí.

## Ìdí tí a fi ń yí i padà

### Ìkọlù Làìbéríà ní ọdún 2016

Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2016, àwọn olùwádìí ààbò kọ̀ǹpútà ṣàwárí sọ́fítíwíà apanilára kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mirai. Ohun tí ó ń ṣe kò díjú. Ó ń kan ilẹ̀kùn àwọn kámẹ́rà, ráútà àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké mìíràn tí wọ́n wà ní gbangba lórí ayélujára, ó sì ń dán àkójọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ìpamọ́ tí ó lé ní 60 wò lára wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi sínú ẹ̀rọ wọn ni gbogbo àkójọ náà, irú bíi `admin` pẹ̀lú `admin` tàbí `root` pẹ̀lú `root`. Ẹ̀rọ tí ó bá ṣí sílẹ̀ yóò di ọmọ ogun nínú agbo ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn ń darí. Ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n gbé kóòdù Mirai síta, ẹnikẹ́ni sì lè mú un lò.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mú un lò ni Daniel Kaye, ọmọ ilẹ̀ Brítéènì. Ẹnìkan láti ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá Lonestar MTN ti Làìbéríà dọ́jà gbà á síṣẹ́ láti ba iṣẹ́ Lonestar jẹ́. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2016, agbo ẹ̀rọ tí Kaye kó jọ da ìbéèrè púpọ̀ lu nẹ́tíwọ́ọ̀kì Lonestar débi pé ó kan ayélujára orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n mú Kaye ní pápákọ̀ òfuurufú Luton ní ọdún 2017, ó gbà pé òun jẹ̀bi, ilé-ẹjọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 32 ní Oṣù Kínní ọdún 2019.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí nínú ọ̀ràn yìí ni pé àwọn tí wọ́n ni ẹ̀rọ tí Mirai lò kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ̀rọ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè lọ́ra díẹ̀. Inú ìrántí ráńpẹ́ ẹ̀rọ ni Mirai ń gbé. Bí a bá pa ẹ̀rọ tí a sì tún un tàn, yóò pòórá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ìpamọ́ bá ṣì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, ó lè padà wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyípadà ọ̀rọ̀ìpamọ́ lè ti ọ̀nà tí ó gbà wọlé.

### Ewu tí ó ń wá láti inú ilé

Ráútà tí ó ń lo káàdì síìmù sábà máa ń ní ààbò kan tí onílé kò béèrè. Ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní adírẹ́sì tirẹ̀ ní gbangba; ọ̀pọ̀ oníbàárà ni wọ́n ń pín adírẹ́sì kan lò. A lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí adírẹ́sì WAN tí ó hàn lórí ojú-ewé `Status` ráútà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10., tàbí bí ó bá wà láàárín 100.64 àti 100.127. Ẹni tí ó wà lókèèrè kò lè kan irú ráútà bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀nà méjì ṣì kù. Èkíní ni àwọn tí wọ́n wà lórí Wáí-Fáì náà: ayálégbé, àlejò, oníbàárà tí ó wá sí ìsọ̀, tàbí ọmọ àdúgbò tí wọ́n fún ní ọ̀rọ̀ìpamọ́ Wáí-Fáì ní ọdún tó kọjá.

Ọ̀nà kejì farasin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí láti ilé-iṣẹ́ Symantec àti Yunifásítì Indiana ṣàlàyé bí ojú-ewé ayélujára burúkú ṣe lè lo bráwúsà ẹni tí ó ṣí i láti fi ránṣẹ́ sí ráútà inú ilé. Bráwúsà ti wà nínú ilé, nítorí náà kò sí ògiri tí ó dá a dúró. Bí ọ̀rọ̀ìpamọ́ bá ṣì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, ojú-ewé náà mọ ohun tí yóò sọ. Ìyípadà kan ṣoṣo tí ó sábà ń wá ni adírẹ́sì DNS, ìyẹn sáfà tí ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wà lórí ayélujára. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ó bá tẹ orúkọ báńkì rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ lórí ojú-ewé ayédèrú, kò sì ní sí ohun tí ó yí padà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí yóò ta á lólobó.

## Bí a ṣe ń ṣe é lórí TL-MR3420

### Ìmúrasílẹ̀

Ó dára kí a lo kọ̀ǹpútà tí a fi wáyà so mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ojúhò LAN ẹ̀yìn ráútà, nítorí pé wáyà kì í já nígbà tí ètò Wáí-Fáì bá yí padà. Bí kò bá sí wáyà, fóònù náà lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ pa dátà síìmù inú fóònù. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí ráútà kò sì ní ayélujára lọ́wọ́, fóònù lè gba ọ̀nà síìmù tirẹ̀ lọ, ojú-ewé ráútà kò sì ní ṣí.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí a kọ APN tí módẹ́ẹ̀mù ń lò sórí ìwé. APN ni orúkọ ẹnu-ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ fóònù là sílẹ̀ fún dátà. Ní Nàìjíríà, èyí tí ó wọ́pọ̀ fún MTN, Airtel àti Glo nìyí ní ẹsẹẹsẹ:

```
web.gprs.mtnnigeria.net
internet.ng.airtel.com
gloflat
```

Bí nǹkan bá dojú rú tí a sì ní láti dá ráútà padà sí ipò tí ó wà nígbà tí ó jáde láti ilé-iṣẹ́, APN lè jẹ́ ohun tí a óò nílò láti padà sórí ayélujára.

Bí a bá fura pé ẹlòmíràn ti wọ ráútà náà, ìlànà iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. Kí a yọ módẹ́ẹ̀mù kúrò lára ráútà, kí a pa ráútà kí a sì tún un tàn, kí a yí ọ̀rọ̀ìpamọ́ padà, lẹ́yìn náà ni kí a tó dá módẹ́ẹ̀mù padà.

### Wíwá adírẹ́sì ráútà

Adírẹ́sì tí ó wà lábẹ́ TL-MR3420 sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àwọn kan tí ó pẹ́ jù jẹ́ 192.168.1.1. Ọ̀pọ̀ ráútà Huawei tí ó ń lo síìmù a máa lo 192.168.8.1. Kò pọn dandan kí a máa méfò. Lórí Windows, àṣẹ `ipconfig` yóò fi í hàn lórí ìlà tí ó ń jẹ́ `Default Gateway`:

```
IPv4 Address. . . . : 192.168.0.101
Subnet Mask . . . . : 255.255.255.0
Default Gateway . . : 192.168.0.1
```

Lórí fóònù Android, a óò rí i bí a bá tẹ orúkọ Wáí-Fáì tí a wà lórí rẹ̀ láti ṣí àlàyé rẹ̀; `Gateway` ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀.

Orí àpótí adírẹ́sì tí ó wà lókè bráwúsà ni kí a tẹ nọ́mbà náà sí, pẹ̀lú `http://` níwájú rẹ̀. Nọ́mbà dára ju orúkọ lọ. Lára àwọn ráútà TP-Link àtijọ́, wọ́n kọ orúkọ kan, `tplinklogin.net`, sábẹ́ ẹ̀rọ. Ní ọdún 2016, ó hàn gbangba pé ilé-iṣẹ́ náà kò ní orúkọ yẹn mọ́, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò sí lórí Wáí-Fáì ráútà rẹ̀ yóò lọ sí ibi tí ẹni tí ó ni orúkọ náà bá fẹ́.

### Wíwọlé àti ìyípadà

Ráútà yóò béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ìpamọ́. Nínú TL-MR3420 tí a kò tíì fọwọ́ kàn, `admin` ni méjèèjì, ní lẹ́tà kékeré. Bí ráútà bá kọ̀ ọ́, ẹnìkan ti yí i padà ṣáájú: ó lè jẹ́ ẹni tí ó tò ó, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò yẹ kí ó débẹ̀.

Ní apá òsì ojú-ewé náà, kí a tẹ `System Tools`, lẹ́yìn náà `Password`. Àyè márùn-ún ni ó wà níbẹ̀:

```
Old User Name
Old Password
New User Name
New Password
Confirm New Password
```

Nínú àwọn méjì àkọ́kọ́ ni a óò kọ `admin` àti `admin`. Nínú `New User Name`, orúkọ tuntun ni kí a kọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi `admin` sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn kò ba nǹkan jẹ́ bí ọ̀rọ̀ìpamọ́ bá le, ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn ń fi ohun kan kún ohun tí ẹni tí ń dán an wò gbọ́dọ̀ mọ̀. Orúkọ àti ọ̀rọ̀ìpamọ́ kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 14 lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ sí àlàfo láàárín wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a óò tẹ ọ̀rọ̀ìpamọ́ tuntun, kí àṣìṣe ìka má bàa ti onílé síta. Lẹ́yìn náà ni a óò tẹ `Save`. Ráútà yóò tún béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ìpamọ́, èyí sì ni àmì àkọ́kọ́ pé ìyípadà náà ti wọlé.

### Ètò ìwọlé yòókù

Lábẹ́ `Security`, ojú-ewé méjì ni ó sọ ẹni tí ó lè dé ibi ìwọlé.

`Remote Management` ni ti àwọn tí wọ́n wà níta ilé. Ó yẹ kí a rí `0.0.0.0` nínú àyè `Remote Management IP Address`; ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti òkèèrè. Bí a bá rí `255.255.255.255` níbẹ̀, gbogbo ayé ni a ṣílẹ̀kùn fún. Bí onílé kò bá rántí pé òun ni ó kọ ọ́, kí ó dá a padà sí `0.0.0.0`, kí ó sì kà á sí àmì pé ẹlòmíràn ti wọ ibẹ̀.

`Local Management` ni ti àwọn tí wọ́n wà nínú ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó lè ṣí ojú-ewé ìwọlé. A lè dín in kù sí àwọn ẹ̀rọ tí a kọ adírẹ́sì MAC wọn síbẹ̀, ìyẹn nọ́mbà tí ó dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Kí a ṣọ́ra níhìn-ín: fóònù Android láti ẹ̀yà 10 àti iPhone láti ẹ̀yà iOS 14 a máa lo MAC àdámọ̀ọ́ṣe fún Wáí-Fáì kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sọ fún fóònù pé kí ó gbàgbé Wáí-Fáì náà, nọ́mbà rẹ̀ lè yí padà, onílé yóò sì ti ara rẹ̀ síta. Kọ̀ǹpútà tí a fi wáyà so ni ó yẹ kí a kọ síbẹ̀.

### Ìdánwò

Títẹ `Save` nìkan kò tó. Kí a ti bráwúsà pa pátápátá, kí a tún un ṣí, kí a sì fi `admin` àti `admin` gbìyànjú láti wọlé. Ó gbọ́dọ̀ kọ̀. Lẹ́yìn náà kí a fi ti tuntun wọlé. Ó gbọ́dọ̀ gbà. Kí a ṣe ìdánwò méjèèjì, nítorí pé bráwúsà a máa rántí ọ̀rọ̀ àtijọ́, ó sì lè fi í ránṣẹ́ láìsọ fún ẹni tí ń lò ó.

Ní ìparí, kí a wo adírẹ́sì DNS lábẹ́ `DHCP`, ní `DHCP Settings`. Bí `Primary DNS` bá jẹ́ `0.0.0.0`, ráútà ń lo ti ilé-iṣẹ́ fóònù. Bí nọ́mbà mìíràn bá wà níbẹ̀ tí onílé kò mọ bí ó ṣe débẹ̀, kí ó pa á rẹ́. Ìyípadà ọ̀rọ̀ìpamọ́ kì í tún ohun tí a ti bàjẹ́ ṣáájú ṣe.

## Yíyan ọ̀rọ̀ìpamọ́ ní èdè Yorùbá

Ọ̀rọ̀ Yorùbá dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé àkójọ tí àwọn apanilára ń lò kún fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ lẹ́tà wa.

Lẹ́tà `ẹ` tí ó ní ohùn òkè kò ní nọ́mbà kan ṣoṣo nínú Yúníkóòdù. Bọ́tìnì ìkọ̀wé kan lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí `ẹ` tí a fi àmì ohùn lé lórí, òmíràn lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí `é` tí a fi àmì sí nísàlẹ̀:

```
U+1EB9 U+0301
U+00E9 U+0323
```

Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ráútà, ọ̀rọ̀ọ̀tọ̀ ni, gígùn wọn pàápàá kò dọ́gba. Ọ̀rọ̀ìpamọ́ tí a fi fóònù kọ lè di èyí tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣí. Ọ̀pọ̀ ráútà kò tilẹ̀ gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí náà, lẹ́tà a sí z àti nọ́mbà lásán ni kí a lò.

Fún TL-MR3420 tí ó fi lẹ́tà 14 ṣe ààlà, a lè so ọ̀rọ̀ méjì tí kò bá ara wọn tan pọ̀ kí a sì fi nọ́mbà là wọ́n láàárín, bíi `okuta7agbado9i`, tí ó jẹ́ lẹ́tà 14 gẹ́lẹ́. Èyí jẹ́ àpẹẹrẹ nìkan; ọ̀rọ̀ tí a ti tẹ̀ jáde kì í ṣe ìpamọ́ mọ́. Orúkọ ẹbí, orúkọ ìlú àti nọ́mbà fóònù kò dára, nítorí pé àwọn tí wọ́n wà nítòsí, tí wọ́n sì lè dé orí Wáí-Fáì, ni wọ́n mọ̀ wọ́n jù. Ọ̀rọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Wáí-Fáì.

Ìwé tí a fi pamọ́ sínú ilé tó láti tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí ayélujára kò lè ka ìwé inú àpótí. Kí a má ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ráútà, pàápàá bí ráútà bá wà ní pálọ̀ tàbí ní ìsọ̀.

## Ohun tí ó sábà ń dojú rú

Bí ojú-ewé kò bá ṣí, ó sábà máa ń jẹ́ pé fóònù wà lórí dátà tirẹ̀, tàbí pé a tẹ nọ́mbà náà sínú àpótí ìwárí. Ó tún lè jẹ́ pé bráwúsà ti fi `https://` rọ́pò `http://` fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ráútà àtijọ́ kò mọ `https` rárá.

Bí ráútà méjì bá so mọ́ ara wọn, tí adírẹ́sì méjèèjì sì jẹ́ 192.168.0.1, onílé lè máa yí ti ọ̀kan padà kí ó máa rò pé èkejì ni. Orúkọ ẹ̀rọ tí ó hàn lókè ojú-ewé ni yóò sọ òtítọ́. Kí a pa èyí tí a kò fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí títí a ó fi parí.

Bí a bá gbàgbé ọ̀rọ̀ tuntun náà, kò sí ọ̀nà láti kà á jáde. Ọ̀nà tí ó kù ni bọ́tìnì `Reset`. Nígbà tí iná wà lára ráútà, a óò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 10, títí àwọn iná iwájú ẹ̀rọ yóò fi ṣẹ́jú. Gbogbo ètò ni yóò padà sí ti ilé-iṣẹ́: ọ̀rọ̀ìpamọ́, orúkọ Wáí-Fáì, àti APN tí a fọwọ́ kọ. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ráútà tún ti wà ní ìṣísílẹ̀ pẹ̀lú `admin`, a sì gbọ́dọ̀ tún iṣẹ́ náà ṣe. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ráútà wà níbi tí ọwọ́ àlejò kò ti lè tó o: ẹni tí ó bá lè tẹ `Reset` kò nílò ọ̀rọ̀ìpamọ́ kankan.

## Ààlà rẹ̀

Ọ̀rọ̀ìpamọ́ tuntun kò dí àléébù tí ó wà nínú sọ́fítíwíà ráútà. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2016 kan náà, ìkọlù kan dá nǹkan bíi 900,000 ráútà àwọn oníbàárà Deutsche Telekom dúró ní Jẹ́mánì. Àléébù nínú ẹnu-ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ ayélujára fi ń darí ráútà láti òkèèrè ni ó fà á, kì í ṣe ọ̀rọ̀ìpamọ́ tí onílé kò yí padà. Sọ́fítíwíà tuntun láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ó ń wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn, àwọn ráútà tí ó ti pẹ́ kì í sì í rí i gbà mọ́.

Bákan náà, nígbà tí ráútà àtijọ́ bá ń lo `http`, ọ̀rọ̀ìpamọ́ kì í rìn ní bíbò láàárín bráwúsà àti ráútà. Ní ọ̀pọ̀ wọn, `admin:admin` a máa rìn báyìí:

```
Authorization: Basic YWRtaW46YWRtaW4=
```

Èyí kì í ṣe àṣírí. Ọ̀nà ìkọ̀wé lásán ni, tí ẹnikẹ́ni lè dá padà sí bí ó ti wà. Lórí wáyà, kò sí ẹni tí ó wà láàárín. Lórí Wáí-Fáì tí WPA2 bò, ará ìta kò lè kà á, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ìpamọ́ Wáí-Fáì lè rí ọ̀nà láti tẹ́tí sí i. Ìdí mìíràn nìyẹn tí wáyà fi dára jù fún iṣẹ́ yìí.

## Òfin

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2024, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti wọ ẹ̀rọ ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Pé ọ̀rọ̀ìpamọ́ ẹ̀rọ náà wà nínú ìwé ìlò kò túmọ̀ sí pé onílé ti fún ẹnikẹ́ni láṣẹ.

Ní ibòmíràn, wọ́n ti gbé ẹrù náà lé àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ lórí. Òfin ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní Amẹ́ríkà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kínní ọdún 2020 fẹ́ kí ẹ̀rọ tí a lè wọ̀ láti òkèèrè ní ọ̀rọ̀ìpamọ́ tirẹ̀, tàbí kí ó fi dandan lé e pé kí oníbàárà yan tuntun kí ó tó lò ó. Ní Brítéènì, òfin ti ọdún 2022 tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹrin ọdún 2024 fòfin de ọ̀rọ̀ìpamọ́ kan náà fún gbogbo ẹ̀rọ. Nítorí irú òfin bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ráútà tuntun ni ó ń dé ọjà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ìpamọ́ tí ó yàtọ̀ lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Lára irú àwọn bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ti fojú kan ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ṣì mọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà iṣẹ́ ìyípadà kò tíì tán. Àwọn ráútà àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń tà ní àlòkù kò sí lábẹ́ ètò yìí; `admin` ni ó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.